Àwọ̀ Ló Ń Sọ Iye Irin Tó Wà Nínú Omi: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ní Bóhóòlù

Omi bóhóòlù mìíràn máa ń mọ́ lóló bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Bí ó bá wà nínú korobá di ìrọ̀lẹ́, yóò ti pọ́n, ohun kan bí ìdógùn-ún yóò sì ti sùn sí ìsàlẹ̀. Irin ló fà á. Ní abẹ́ ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin máa ń yòrò sínú omi, ojú kì í sì í rí i. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń di èérún pupa tó ń ba aṣọ funfun jẹ́, tó sì ń dí ihò rọ́bà tí a fi ń bomi rin oko. Òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà fi ààlà irin sí 0.3 mg/L, ìyẹn mílígíráàmù 0.3 nínú lítà omi kan. Bí ẹ bá gbé èsì àyẹ̀wò dé láti yàrá ìwádìí, ó yẹ kí ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà rí iye yẹn, torí èsì omi tí irin rẹ̀ pọ̀ gan-an lè ṣìnà gidigidi.

Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò yóò da èròjà kan tó ń jẹ́ fẹnantírólínì sínú omi náà. Èròjà yìí máa ń di irin mú, omi á sì pọ́n bí ọsàn tó gbó. Bí irin bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pọ́n tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé omi náà sínú ẹ̀rọ tí à ń pè ní kọlọrímítà, tí yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò sì wo iye tó jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ búlúù ni wọ́n ń lò, torí òun gan-an ni àwọ̀ ọsàn yìí máa ń gbé mì. Bí ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí i, yóò kàn kọjá lọ bí ẹni pé irin kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọ̀n ẹ̀fọn ṣàpèjúwe. Ká ní ẹ ta àwọ̀n kan sójú fèrèsé, ó sì gba ìdajì ìmọ́lẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, 50 ló wọlé. Bí ẹ bá ta èkejì lé e, ilé kò ní ṣókùnkùn biribiri. Ìdajì ohun tó ṣẹ́ kù ni yóò tún gbà, 25 yóò wọlé. Ẹ̀kẹta yóò jẹ́ kó ku 12.5. Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kò dín kù ní ìwọ̀n kan náà, àmọ́ iye àwọ̀n ń gorí ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin inú omi ló dúró fún àwọ̀n yẹn. Nítorí náà, dípò kí ẹ̀rọ kàn sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó jáde, ó máa ń ṣírò iye àwọ̀n tó dínà rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé `Abs`. Bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ bá kọjá, `Abs` jẹ́ 0.3. Bí ìdá mẹ́rin kan ló kọjá, ó di 0.6. Bí ó jẹ́ ìdá mẹ́wàá kan, ó di 1. Ìdá ọgọ́rùn-ún kan sì jẹ́ 2. Irin di ìlọ́po méjì, `Abs` náà di ìlọ́po méjì. Ará Jámánì kan, Ògúst Bíà, ló fi èyí hàn nípa omi aláwọ̀ ní ọdún 1852. Orúkọ rẹ̀ ni Bíà o, mi ò sọ̀rọ̀ ọtí.

Fún irin àti fẹnantírólínì, nínú ife gíláàsì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, mílígíráàmù irin kan nínú lítà omi máa ń fún wa ní `Abs` 0.2. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í gba èyí gbọ́ lásán. Yóò kọ́kọ́ po omi tó mọ iye irin inú rẹ̀, yóò sì wò ó bóyá 0.5, 1, 2 àti 4 mg/L fún òun ní 0.10, 0.20, 0.40 àti 0.80. Yóò tún fi omi tí kò ní irin, tí ó da èròjà kan náà sí, tẹ ẹ̀rọ sí òdo. Lẹ́yìn èyí, ìṣirò rẹ̀ rọrùn:

```
irin (mg/L) = Abs ÷ 0.2
```

Ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń sin adìẹ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fún un ní ìgò tí wọ́n ti kán ásíìdì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí irin má bàa sùn sí ìsàlẹ̀ kó tó dé yàrá ìwádìí. (Bí wọ́n bá fún yín nírú ìgò bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣàn án nù.) Nígbà tí wọ́n da èròjà sí omi rẹ̀ bó ṣe wà, ó pọ́n kíkí, ẹ̀rọ sì kọ 1.62. Bí ẹ bá fi 0.2 pín in, ẹ ó rí 8.1 mg/L. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Àmọ́ 1.62 túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ tó kọjá kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lè tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á sì rò pé inú omi ló gbà kọjá. Ni wọ́n bá bu omi là á. Wọ́n fi pípẹ́ẹ̀tì fa mílílítà 10 nínú omi rẹ̀, wọ́n dà á sínú ìgò tó ní ààmì 100, wọ́n sì fi omi dísítílì kún un títí ó fi kan ààmì náà. Wọ́n mì ín dáadáa, wọ́n wá da èròjà sí i, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀rọ kọ 0.26.

```
0.26 ÷ 0.2 = 1.3 mg/L
1.3 × 10  = 13 mg/L
```

Mẹ́tàlá, kì í ṣe mẹ́jọ. Láti mọ̀ bóyá 13 yìí dúró, wọ́n tún fa mílílítà 5, wọ́n sọ ọ́ di 100, ìyẹn ìlọ́po ogún. Ẹ̀rọ kọ 0.13, ó já sí 0.65, tó fi ogún sọ di púpọ̀ jẹ́ 13. Bí lílà méjì bá fẹnu kò báyìí, mo máa ń gbà á gbọ́. Bí èsì bá ń ga sí i bí ẹ ṣe ń là á sí i, omi ti àkọ́kọ́ ṣì ki jù.

Ibi méjì ni mo ti rí i tí lílà yìí ń dàrú. Àwọn kan máa ń fi mílílítà 10 kún 1, wọ́n á ní ìlọ́po mẹ́wàá ni. Mọ́kànlá nìyẹn, mẹ́sàn-án ló yẹ kí wọ́n fi kún un. Àwọn mìíràn máa ń da èròjà sí i tán, kí wọ́n tó là á nígbà tí wọ́n rí i pé ó pọ́n jù. Mẹ́ta mẹ́ta ni fẹnantírólínì ń di irin kan mú. Bí irin bá pọ̀ ju ohun tó lè dì mú, èyí tó ṣẹ́ kù kò ní ní àwọ̀, lílà ẹ̀yìn kò sì lè dá a padà. Kí a là á kí èròjà tó wọ inú rẹ̀ ló dára jù.

Ẹ má sì là á jù. Ẹ̀rọ lè fi 0.01 ṣìnà. Ní ìlọ́po mẹ́wàá, àṣìṣe yẹn jẹ́ 0.5 mg/L, ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó ti di 5.

Bí omi fúnra rẹ̀ bá ní ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà máa ń dí ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka omi náà láìní fẹnantírólínì, kí wọ́n yọ iye yẹn kúrò.

Obìnrin náà ṣe ibi tí omi á ti máa já ṣòòròṣò nínú afẹ́fẹ́ kó tó kọjá sínú táǹkì oníyanrìn. Nígbà tó tún gbé omi wá, wọn kò là á rárá. Ẹ̀rọ kọ 0.05, ìyẹn 0.25 mg/L. Pẹ̀lú àṣìṣe 0.01, ó lè jẹ́ 0.2, ó sì lè jẹ́ 0.3 gan-an. Wọ́n ní kó tún gbé òmíràn wá lóṣù tó ń bọ̀.