Tíkẹ́ẹ̀tì tó bí ìbejì lẹ́nu géètì

₦80,000 ni mo yọ nínú àpò ara mi lálẹ́ Sátidé ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó jalè. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà nílùú Àbújá ń ṣe ọjọ́ ìlú, wọ́n ní kí n bá wọn ṣe tíkẹ́ẹ̀tì, torí èmi ni wọ́n ń pè ní ọmọ kọ̀ǹpútà. Tíkẹ́ẹ̀tì 600, ₦5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe ya àwòrán rẹ̀ tí mo sì fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Kóòdù orí rẹ̀ ló pa mí lẹ́kún: nọ́ńbà mẹ́rin, láti 0000 dé 9999, tí mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣà láìwojú.

```
random.randint(0, 9999)
```

Lẹ́nu géètì, ọmọkùnrin tó ń yẹ kóòdù wò tẹ 4071, fóònù gbé `USED` jáde. Màmá tó dúró níwájú rẹ̀ ti wé gèlè, ó ti wọ aṣọ ẹbí pé. Ó yíjú sí mi: “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo jọ ẹni tó ń ra ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì ni?” Rárá o, wọn ò jọ ọ́. Ẹni tó ní 4071 kejì ti wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Kílẹ̀ tó ṣú, ènìyàn 16 ló ti bá mi fa irú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì dá ₦5,000 kálukú wọn padà.

Alága ò gbà pé kọ̀ǹpútà ló fà á. Wọ́n ní, “Nọ́ńbà 10,000, ènìyàn 600. Àyè 9,400 ló ṣófo! Báwo ni ẹni méjì á ṣe jókòó sórí àga kan?” Ká sòótọ́, bí èmi náà ṣe rò ó nìyẹn kí n tó ṣe é.

Ènìyàn là ń kà, méjì-méjì ló yẹ ká kà. Ká ní gbogbo ẹni tó wá sóde náà bọ gbogbo ẹni yòókù lọ́wọ́. Èmi nìkan á bọ ènìyàn 599 lọ́wọ́. Ti gbogbo ilé á jẹ́ 600 × 599 ÷ 2, ìyẹn ìbọwọ́ 179,700. Ìbọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ẹyọ kan nínú 10,000 pé kóòdù àwọn méjèèjì á jọra. Pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Orí bá mi ṣe é ni mo fi rí 16. Kódà nígbà tí a ta bíi 119, ó ti ju ìdajì lọ pé ìbejì kan á ti wà níbẹ̀. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé bí ènìyàn 23 bá wà nínú yàrá, tí ìbọwọ́ wọn jẹ́ 253, ó ju ìdajì lọ díẹ̀ pé ẹni méjì á jọ ní ọjọ́ ìbí kan.

Inú mi dùn pé mo ti mọ̀ ọ́n. Fún ti Disẹ́ńbà, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa wo àwọn kóòdù tó ti lò, kó má lo èyíkéyìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó parí, àbí? Kò parí. Àwọn tó ń bá wa ta tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ní Kubwa, ọ̀kan ní Nyanya, ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, kí n fi ètò náà sórí kọ̀ǹpútà kálukú wọn. Mo fi í síbẹ̀. Mo ní kí kálukú ṣẹ̀dá 300 fún ìdánwò, mo da méjèèjì pọ̀: ìbejì 8.

Òru méjì ni mo fi ń wá àṣìṣe nínú ètò tí kò ní àṣìṣe. Mo tún un kọ, mo bú kọ̀ǹpútà, iná lọ, mo bú iná náà. Ìgbà tí mo padà sórí ìbọwọ́ ni ojú mi là. Kọ̀ǹpútà Kubwa kò mọ ohun tí ti Nyanya ń ṣe. Ìbọwọ́ láàárín àwọn méjèèjì jẹ́ 300 × 300, ìyẹn 90,000, ó ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ. Àbọ̀ iṣẹ́ ni mo ṣe, àbọ̀ wàhálà ló kù.

Alága ní kí n kúkú fi 1, 2, 3 sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí 0317 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ á kọ 0318 sórí tirẹ̀, á sì wọlé. Mo gbèrò kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà, láìwo èyí tí kọ̀ǹpútà ti lò, ṣùgbọ́n fún 600 ó ṣì tó ìgbà kan nínú mẹ́fà pé ìbejì á yọjú. Nílé mi ni mo wá ti ṣẹ̀dá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

```
import secrets
r = secrets.SystemRandom()
r.sample(range(1000000), 600)
```

`sample` kì í mú nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó 300 àkọ́kọ́ fún Kubwa, mo kó ìyókù fún Nyanya. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ₦80,000 mi ì bá wà lápò.

Màmá onígèlè ti ra ti Disẹ́ńbà. Kí wọ́n tó sanwó, wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá tiwọn ní ìkejì.