Bí mo ṣe wá ọjọ́ tí ọjọ́ orí màmá mi di ìlọ́po méjì ti ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́

Ọjọ́ 22 oṣù Agẹmọ ọdún 2023 ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé ọdún 28. Bí a ti ń jẹun lọ́wọ́ ni ó kọjú sí màmá wa, ó ní, “Màmá, ẹni ọdún 56 ni yín, ẹni ọdún 28 sì ni mí. Òní ni ọjọ́ orí yín di ìlọ́po méjì tèmi.” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òótọ́ ni. Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ létí, nítorí pé oṣù Bélú, tíí ṣe oṣù kọkànlá, ni wọ́n bí màmá mi. Ẹni tí ó ku oṣù mẹ́ta àbọ̀ péré kí ó pé ọdún 57 ti kúrò ní ẹni ọdún 56 géérégé. Mo pinnu pé màá wá ọjọ́ náà gan-an.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé àlàfo tí ó wà láàárín ọjọ́ orí ènìyàn méjì kì í yí padà títí ayé. Iye ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lò láyé, tí a bá fi àlàfo náà kún un, ni iye ọjọ́ tí màmá mi ti lò. Kí ti màmá mi tó lè jẹ́ ìlọ́po méjì, àfi kí iye tí ẹ̀gbọ́n mi ti lò bá àlàfo yẹn dọ́gba. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí mo ń wá ni ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi máa pé iye ọjọ́ tí màmá mi ti lò láyé kí wọ́n tó bí i, kò sì lè ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Tí Táíwò bá fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú Kẹ́hìndé, ìgbà tí Kẹ́hìndé bá pé ogún ìṣẹ́jú láyé ni Táíwò yóò pé ogójì, tí ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì yóò sì tán láàárín wọn. (Pé àwa Yorùbá ka Kẹ́hìndé sí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn; ìṣirò kò mọ̀ nípa ìyẹn.)

Ọjọ́ ìbí ni ó wá kù. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ìwé ilé ìgbẹ̀bí: ọjọ́ 22 oṣù Agẹmọ ọdún 1995. Ti màmá mi ni ó ní wàhálà díẹ̀, nítorí pé ọdún 1968 ni ó wà nínú ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí wọ́n fi wọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bàbá wọn kọ ọjọ́ 9 oṣù Bélú ọdún 1966 sí ẹ̀yìn Bíbélì ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí wọn. Mo gba ti Bíbélì, màmá mi náà sì jẹ́wọ́ pé òun ni òótọ́.

Mo kọ́kọ́ fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ ṣe é. Láti ọjọ́ ìbí màmá mi dé ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọdún 28, oṣù 8 àti ọjọ́ 13. Nígbà tí mo ro ìyẹn mọ́ ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé mi dé ọjọ́ 4 oṣù Igbe ọdún 2024. Mo tún wá ka ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé mi dé ọjọ́ 2 oṣù Igbe. Mo rò pé mo ti ṣìṣe, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Oṣù ni ó fa ìyàtọ̀ náà, nítorí pé gígùn wọn kò dọ́gba. Láti ọjọ́ 9 oṣù Bélú ọdún 1994 dé ọjọ́ 22 oṣù Agẹmọ ọdún 1995, ọjọ́ 255 ni, ṣùgbọ́n oṣù 8 àti ọjọ́ 13 tí mo kà láti oṣù Agẹmọ ọdún 2023 gba ọjọ́ 257, nítorí pé àwọn oṣù tí ó bọ́ sí àárín yàtọ̀, oṣù Èrèlè ọdún 2024 sì ní ọjọ́ 29. Iye ọjọ́ ni kò lè tan ènìyàn jẹ. Àlàfo náà jẹ́ ọjọ́ 10,482. Ní ọjọ́ 2 oṣù Igbe ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi pé ọjọ́ 10,482 láyé, màmá mi sì pé 20,964.

Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ọwọ́ kà á lè lo Excel. Kí ó kọ ọjọ́ ìbí àgbà sí A1, kí ó kọ ti àbúrò sí B1, kí ó sì kọ èyí sí C1:

```
=2*B1-A1
```

Tí ó bá jẹ́ 45384 ni ó jáde dípò ọjọ́, kì í ṣe àṣìṣe. Iye tí ẹ̀rọ fi ń to ọjọ́ nìyẹn, kí ó ṣáà ní kí ẹ̀rọ gbé e jáde bí ọjọ́. Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún ni 9/11/1966, èyí tí ẹ̀rọ tí a tò ní ìlànà Amẹ́ríkà yóò kà sí ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án.

Láti inú ìlà kékeré yẹn ni mo ti rí bí àṣìṣe ọjọ́ ìbí ṣe ń rìn. Tí mo bá ti lo ọdún 1968 inú ìwé ìbúra, ọjọ́ 731 ni a ti sún ọjọ́ ìbí màmá mi síwájú, ìdáhùn yóò sì fi ọjọ́ 731 kan náà padà sẹ́yìn, dé ọjọ́ 2 oṣù Igbe ọdún 2022. Àmọ́ ìlọ́po méjì ni àṣìṣe ti àbúrò máa ń ní. Màmá mi ní òru ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní ìwé ti kọ ọjọ́ 23 dípò 22, ọjọ́ méjì ni ìdáhùn ìbá fi sún síwájú.

Ibi tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ọdún pípé tí a fi ń dárúkọ ọjọ́ orí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Igbe yẹn, ẹni ọdún 57 ni màmá mi, ẹni ọdún 28 sì ni ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po méjì 28 kì í ṣe 57. Ìlọ́po méjì ti ẹnu wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọjọ́ náà. Ti àkọ́kọ́ ni 56 àti 28, láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ títí di ọjọ́ 8 oṣù Bélú ọdún 2023. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni 58 àti 29. Ìgbàkígbà tí oṣù tí ó lé lórí ọdún pípé inú àlàfo bá ti ju mẹ́fà lọ ni ọjọ́ òtítọ́ máa ń bọ́ sí àárín báyìí. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, inú àsìkò àkọ́kọ́ ni yóò bọ́ sí.

Mo tún fi ìdílé Fẹlá dán an wò. Ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1938 ni wọ́n bí Fẹlá, wọ́n sì bí Fẹ́mi ní ọjọ́ 16 oṣù Òkúdù ọdún 1962, àlàfo wọn sì jẹ́ ọjọ́ 8,645. Ọjọ́ tiwọn bọ́ sí 15 oṣù Èrèlè ọdún 1986, nígbà tí Fẹlá ṣì wà lẹ́wọ̀n, Fẹlá jẹ́ 47, Fẹ́mi jẹ́ 23. Ti Ṣeun, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1983, ìbá di ọdún 2027, ṣùgbọ́n Fẹlá kú ní ọdún 1997.

Ọjọ́ 2 oṣù Igbe ọdún 2024 jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọdún Àjíǹde ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹ̀gbọ́n mi pe màmá wa láàárọ̀, ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Iye ọjọ́ tí ẹ ti lò láyé kí ẹ tó bí mi, òní ni èmi náà pé e.” Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé bí mo ṣe dàgbà tó nìyẹn nígbà tí mo gbé ọ pọ̀n?”