Ẹ má fi IG2 sílẹ̀ o

Ẹ̀yin súpáfáísọ̀ sáìtì, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ìdánwò IG1 nìkan lẹ ti yege, NEBOSH IGC yín, sátífíkéètì ààbò ẹnu iṣẹ́ yẹn, ò tíì pé o, IG2 ṣì kù, ìyẹn ìwé tẹ́ ẹ ti máa kọ àwọn ewu ibi iṣẹ́ yín àti bí wọ́n ṣe máa tún wọn ṣe. Sáìtì yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ilé alájà mẹ́rin tá à ń kọ́ ní Yábàá ni mo fi ṣe tèmi, ewu 10 ló kéré jù, láti ìsọ̀rí 5: wáyà tó ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, eruku sìmẹ́ńtì, sikafóòdù tí ò ní ibi ìdìmú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo lọ intafíù ní Ìkòyí, ọ̀gá yẹn ò tiẹ̀ wo sátífíkéètì mi pẹ́, ìwé IG2 yẹn ló ń ṣí, ó ní ta ló máa tún sikafóòdù yẹn ṣe, ọjọ́ wo? Mo ti kọ orúkọ iṣẹ́ ẹni náà àti déètì síwájú ewu kọ̀ọ̀kan, ló bá ní ká sọ̀rọ̀ owó.