Iná dé, ẹja dì padà: ẹ má gba firísà gbọ́

Bí wọ́n bá mú iná lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń se oúnjẹ tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká ṣí firísà wò. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Firísà tó kún dáadáa, tí a kò ṣí, lè mú òtútù dání fún nǹkan bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì kò ju nǹkan bíi 24 lọ. Bí ẹ bá ṣe ń ṣí i tó ni wákàtí yẹn ṣe ń dínkù. Nígbà tí iná bá wà, ẹ fi píọ́ wọ́tà dí gbogbo àyè tó ṣófo. Tó bá di yìnyín, òun ni yóò máa tu ẹja lára.

Àṣìṣe tó burú jù ni ti ìgbà tí iná bá padà dé. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n mú iná ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ́ńdà Jíì, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní agogo méje alẹ́. Páálí títọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà nínú firísà, kò tó ìdajì. Òru Àìkú ni iná tó dé. Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ Ajé, ẹja ti le gbagidi, bí ẹni pé iná kò lọ rí.

Owó onírin ló tú àṣírí. Mo máa ń di omi sínú ife kékeré kan nínú firísà, tó bá ti dì tán, n ó gbé owó onírin lé e lórí. Bí owó náà bá ṣì wà lókè, yìnyín kò yọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ìsàlẹ̀ ife ni mo ti rí i.

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní, "Màmá, ṣebí tá a bá dín in gbẹ, kò ní ṣe nǹkan kan?"

Yóò ṣe o. Bí títọ́ọ̀sì bá pẹ́ nínú ooru, kòkòrò àìfojúrí máa ń ṣe májèlé kan sínú ẹran ara rẹ̀, hísítámìnì lorúkọ rẹ̀. Iná kì í pa á, yìnyín kì í pa á, ẹja náà sì lè má rùn rárá. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí èèyàn jẹ ẹ́, ojú àti ọrùn lè pọ́n, ètè á máa ta bí ẹni jẹ ata, orí á máa fọ́. Ìyẹn ni mo fi da gbogbo páálí náà nù. Ó dùn mí, mi ò purọ́.

Èyí tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀ nìkan ni ẹ lè dì padà. Sísè é lọ́jọ́ náà ló tilẹ̀ dára jù.

Ẹ tún rántí pé kí ẹ yọ firísà kúrò lára iná tí wọ́n bá ti mú un lọ. Tó bá dé, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ki í bọ̀ ọ́. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ìdáná o, èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn.

Pọ̀nmọ́ àti ẹyin ni mo tà lọ́jọ́ Ajé yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kùn, ṣùgbọ́n ìkòkò gbẹ kí agogo méjì tó lù.