Bí a ṣe lè jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ìdí tí igun mẹ́ta inú onígun mẹ́ta fi ń di igun gbọọrọ

Ẹ ní kí ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ wọn igun onígun mẹ́ta, kí wọ́n sì ro ó pọ̀. Ẹ ó gbọ́ 178°, ẹ ó gbọ́ 181°, àwọn mìíràn á sì pe 180° kìkì nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ọ rí. Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi wíwọ̀n bẹ̀rẹ̀. Bébà yíya ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kí olúkúlùkù fi rúlà ya onígun mẹ́ta tó wù ú, kó sì gé e jáde. Kó kọ A sí igun òkè, B sí tòsì, C sí tọ̀tún, kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sún mọ́ ṣóńṣó igun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó fi ọwọ́ ya igun B àti C kúrò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo sísọ́ọ̀sì níbí o. Bí wọ́n bá fi sísọ́ọ̀sì gé e, gbogbo etí bébà náà á gún régé, wọn ò sì ní mọ èwo ni igun gidi mọ́. Etí tí a fi ọwọ́ ya máa ń rí játijàti, kò ṣeé ṣì mú.

Ní báyìí, kí wọ́n gbé B sí ẹ̀gbẹ́ òsì A, kí wọ́n gbé C sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ṣóńṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kora. Òkè wọn á gún bí ìlà tí a fi rúlà fà. Igun gbọọrọ nìyẹn: ìdajì yíyípo, 180°.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹnìkan á béèrè pé, “Ṣé kì í ṣe pé ojú ń tàn wá?” Bí kò bá sí ẹni tó béèrè, ẹ fúnra yín ẹ béèrè. Ojú lásán kò lè mọ 179° yàtọ̀ sí 180°, onígun mẹ́ta tí a sì ya kò ju ìwọ̀nba lọ. Ohun tí a fẹ́ ni ẹ̀rí tó máa mú gbogbo wọn, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì yà.

Ẹ ya onígun mẹ́ta tuntun sí ojú pátákó. Ẹ fa ìlà kan gba orí A kọjá, tí kò ní pàdé ìlà BC láé, bó ti wù kí a fa méjèèjì lọ tó. Igun mẹ́ta ló wà lábẹ́ ìlà yìí ní A: ti òsì, A fúnra rẹ̀, àti ti ọ̀tún. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 180°, nítorí orí ìlà gbọọrọ kan ni wọ́n jókòó sí. Ẹ kíyè sí i pé tẹ́lẹ̀, a kó igun jọ, a wá ń retí ìlà. Ìlà la kọ́kọ́ fà báyìí.

Ó ku kí a fi hàn pé igun òsì bá B dọ́gba. Ìlà òkè, ẹ̀gbẹ́ AB àti ìlà BC dà bí lẹ́tà Z. Ẹ da àwòrán rẹ̀ kọ sí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi ẹnu bírò tẹ ààrin gbùngbùn AB mọ́lẹ̀, kí ẹ yí bébà náà ní ìdajì yíyípo. Z náà á bọ́ sórí ara rẹ̀, igun òkè á sì bo igun B. Bákan náà ni igun ọ̀tún ṣe bá C dọ́gba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ AC. Torí náà, B + A + C = 180°.

Ibi tí wọ́n ti sábà ń ṣìnà ni pé wọ́n á so igun òsì pọ̀ mọ́ C. Kí wọ́n fi àwọ̀ kan kun igun méjì tó wà ní ìdí AB, kí wọ́n fi òmíràn kun ti AC.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: B jẹ́ 50°, C 60°, A 70°. Bí ìlà òkè bá lọ dáadáa, a ó rí 50°, 70°, 60°. Ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ fà á kó dagun díẹ̀, kó di 55°, 70°, 55°. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 180°, ṣùgbọ́n 55° kì í ṣe B, kì í sì í ṣe C. Ìgbà yìí ni wọ́n máa rí iṣẹ́ tí àìpàdé ìlà méjèèjì ń ṣe nínú ẹ̀rí yìí.

Bí àyè bá ṣì wà, ẹ mú bọ́ọ̀lù. Ẹ fa ìlà láti orí rẹ̀ dé agbedeméjì, ẹ tẹ̀ lé agbedeméjì náà fún ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká rẹ̀, kí ẹ sì pa dà sókè. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 90°, àpapọ̀ wọn 270°! Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí ẹ̀rí wa ti já. Lójú bébà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, a lè rí ìlà òkè yẹn fà. Lórí bọ́ọ̀lù, ìlà gígún tó bá gba orí rẹ̀ kọjá kò lè ṣe kó má pàdé èyí tó yí agbedeméjì ká.