Síńkì ọ́ksáìdì mi ń ṣe bí irin: kí ló dé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ìyẹ̀fun síńkì ọ́ksáìdì 50 mg ni mo dì sínú kápúsù, mo sì gbé e sórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òòfà. Wọ́n kọ́ wa pé dayamágnẹ́tì ni, àmọ́ gíráàfù mi yọ bíi lẹ́tà S, ó sì là díẹ̀ láàárín. Nígbà tí agbára òòfà ẹ̀rọ wà ní 10,000 Oe, òòfà inú kápúsù ka 0.0005 emu, ní 20,000 Oe, ó ka 0.0003. Ṣé ó ti di fẹromágnẹ́tì bí irin ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Má tíì wo àárín gíráàfù náà, ìparí rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Láti 10,000 dé 20,000, òòfà tí ẹ̀rọ fi ń wá a ń lágbára sí i, síbẹ̀ ohun tó ń kà ń dínkù. Ìwà dayamágnẹ́tì gan-an nìyẹn: ó máa ń ti òòfà sẹ́yìn díẹ̀, bí òòfà bá sì ṣe lágbára tó ni ìtìsẹ́yìn rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ìlà títọ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ ni àmì rẹ̀. Paramágnẹ́tì, èyí tí òòfà ń fà mọ́ra díẹ̀, náà máa ń ya ìlà títọ́ nínú ooru yàrá, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń gòkè. Àwọn méjèèjì máa ń gba ojú òdo kọjá, wọn kì í là láàárín.

S tó là yẹn, irin ló ni ín. Nínú irin, àdúgbò-àdúgbò ni àwọn átọ́ọ̀mù pín sí, gbogbo ará àdúgbò kan ló sì kọjú síbì kan náà. Bí òòfà bá dé láti ìta, àdúgbò tó kọjú sí ọ̀nà tirẹ̀ á máa gba ilẹ̀ àwọn yòókù, títí gbogbo wọn á fi kọjú síbì kan. Irin ti yó nìyẹn, ojú gíráàfù á sì tẹ́jú. Bí o bá wá mú òòfà kúrò, ààlà àwọn àdúgbò náà á há mọ́ àwọn àbùkù inú irin, wọn kò ní padà sílé tán. Ìdí nìyí tí ọ̀nà àbọ̀ kì í fi í bá ọ̀nà àlọ mu, tí a fi ń rí lúùpù hístẹrísíìsì. Ibi tí lúùpù ti gé ìlà òòró ni òòfà tó ṣẹ́ kù sára irin. Ibi tó ti gé ìlà ìbú ni iye òòfà òdìkejì tí yóò pa ìyókù yẹn rẹ́. Irin transfọ́mà máa ń gé e nítòsí òdo. Òòfà ẹ̀yìn gbohùngbohùn máa ń jìnnà dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún Oe.

Nǹkan méjì ló wà nínú ohun tí o wọ̀n, nítorí náà jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Láàárín 10,000 Oe tó gbẹ̀yìn, 0.0002 emu ló lọ. Dá iye yẹn padà sórí èyí tí o kà ní 10,000:

```
0.0005 + 0.0002 = 0.0007 emu
0.0007 / 218 = 0.0000032 g
```

218 yẹn ni emu tí gíráàmù irin kan ń ní nígbà tó bá yó. Máíkírógíráàmù mẹ́ta irin péré ló ń dà ọ́ láàmú, ojú kò lè rí i. Síńkì ọ́ksáìdì 50 mg rẹ lápapọ̀ kò fa ju nǹkan bí 0.00017 emu sísàlẹ̀ lọ ní 10,000 Oe. Máíkírógíráàmù irin kan ṣoṣo ju ìyẹn lọ. Mo fura sí ẹ̀mú onírin tí o fi gbé kápúsù, tàbí ṣíbí tí o fi bu ìyẹ̀fun.

Wọ̀n kápúsù òfìfo ná. Lẹ́yìn náà, fi ẹ̀mú oníke àti ṣíbí oníke di 25 mg àti 100 mg. Bí S bá pòórá, ẹ̀mú tàbí ṣíbí ni. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́rin, inú ìyẹ̀fun ló wà, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò tíì dá irin láre: bí ìyẹ̀fun bá ti gba inú ọlọ oníbọ́ọ̀lù irin kọjá, irin á ti pò mọ́ ọn délẹ̀. Àyẹ̀wò kẹ́míkà ló máa yanjú èyí.

Ìbéèrè: Èyí tí mo fi kóbáọ̀tì díẹ̀ sí ńkọ́? Ìlà títọ́ ni, ó ń gòkè, kò là.

Ìdáhùn: Ó jọ paramágnẹ́tì. Átọ́ọ̀mù kóbáọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń dá ṣe tirẹ̀, ooru sì ń da ìkọjúsí wọn rú. Kọ́kọ́ yọ ti kápúsù àti ti síńkì ọ́ksáìdì kúrò, nítorí òtútù kì í yí dayamágnẹ́tì padà. Lẹ́yìn náà, mú un tutù láti 300 K dé 100 K. Bí paramágnẹ́tì bá ni lóòótọ́, ìgòkè ìlà náà á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta.