Ìbéèrè Ìntáfíù Tí Kò Kan Iṣẹ́: Ẹ̀sùn Tí Mo Ti Dáhùn Títí Ó Fi Sú Mi

Mo fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò. Mo ka ìwé àlàyé iṣẹ́ náà títí, mi ò rí ohun tí mo lè bi wọ́n.

Ẹ tún un kà. Ẹ fàlà sábẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ máa ń fọwọ́ ṣe: kà, gbà, kọ, kó jáde. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń jáde.

Àmúyẹ 14 ni ọ̀gá kọ fún mi. Ṣé kí n béèrè gbogbo rẹ̀ ni?

Rárá. Èyí tí èèyàn lè kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yọ ọ́. Nínú ìyókù, ẹ mú márùn-ún.

Ṣé mo lè bi obìnrin bóyá ó fẹ́ bímọ láìpẹ́?

Ìlà wo nínú àlàyé iṣẹ́ ló bí ìyẹn? Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà gba kéèyàn máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó lè lọ. Kẹ́ ẹ sì bi àwọn ọkùnrin tó ń wáṣẹ́ náà bákan náà.

Gbogbo wọn ló dáhùn dáadáa, síbẹ̀ ẹni tá a gbà ò mọṣẹ́.

Èyí ti fi ojú èmi náà rí nǹkan. A ń wá sítókípà fún ilé ìkẹ́rù kan lápá Olúyọ̀lé. "Òótọ́" wà lára àmúyẹ, èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ṣé olóòótọ́ ni yín?" Ènìyàn mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́fà. Ta ló máa ní òun kì í ṣe olóòótọ́? Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìwé ẹni tá a mú fi dàrú. Kò jalè o. Nígbà tí ọjà bá dín, ńṣe ló ń tún iye inú ìwé kọ kó lè bá ti ilẹ̀ mu, kí ọ̀gá má bàa bínú.

Mo wá lọ bá bàbá tó ṣe iṣẹ́ náà kó tó fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ wo niṣẹ́ yìí le jù?" Ó ní ọjọ́ tí lọ́rì bá ń dúró, tí kíkà ò sì pé. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti mú ìbéèrè tuntun: "Ẹ ka símẹ́ńtì, ó jẹ́ àpò 196, ìwé ní 200. Dírẹ́bà ń tẹ fèrè lẹ́nu géètì, mánijà ò gbé fóònù. Kí lẹ máa ṣe?" Ẹ kíyè sí i pé mi ò dárúkọ òótọ́ níbẹ̀ rárá.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé ni mo ti kọ máàkì sílẹ̀. Ẹni tó bá tún iye kọ gba 1. Ẹni tó bá tún ọjà kà, tó sì fẹnu sọ fún mánijà nìkan, gba 3. Ẹni tó bá tún un kà, tó yẹ wébíìlì wò, tí kò pa 200 tó wà nínú ìwé rẹ́, tó kọ àpò mẹ́rin tó dín sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, gba 5. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn.

Ẹni tó bá ti ṣe sítókípà rí, ẹ ní kó sọ ìgbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. Bó bá ń sọ "a ṣe báyìí, a ṣe báyìí," ẹ bi í pé, "Kí lẹ̀yin fúnra yín ṣe?" Àwọn kan á dákẹ́ wẹ́lo níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí èmi gan-an ò mọ̀ ńkọ́, bíi wẹ́ẹ́dà?

Ẹ pe wẹ́ẹ́dà kó wá bá yín kọ ìbéèrè, kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó ń wáṣẹ́ ní irin méjì kó so wọ́n pọ̀ lójú yín.